Lẹ́tà tí a ó kọ sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó kọ̀ láti san owó ọkọ̀

“Ẹ jọ̀wọ́, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Àbúrò mi ní jàǹbá pẹ̀lú ọkọ̀ mi lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní 14 oṣù kẹta. Ìnṣọ́ránsì tó kárí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo san. Wọ́n ní àwọn ò ní san, pé ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ ti kọjá àkókò, àti pé a pẹ́ kí a tó sọ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ó ti sọ ìwé náà dọ̀tun, káàdì ni kò tíì jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní ọsibítù. Kí ni kí n kọ sí wọn?”

Ẹ kọ́kọ́ ní kí ilé-iṣẹ́ náà, tàbí búrókà tó bá yín ṣètò rẹ̀, fi odindi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Kì í ṣe sátífíkéètì olójú-ewé kan tí àbúrò yín ń fi han ọlọ́pàá lójú títì ni mò ń wí, bí kò ṣe ìwé gígùn tó ní àwọn gbólóhùn onínọ́ńbà, pẹ̀lú ojú-ewé tí orúkọ yín, nọ́ńbà ọkọ̀ àti iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀ náà wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń gbé òkè òkun ni kò fojú kan ìwé yìí rí, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ yín wà. Bí lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ kò bá sọ nọ́ńbà gbólóhùn tí wọ́n gbára lé, ẹ béèrè rẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà yín.

Lórí ìwé ìwakọ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti túmọ̀ ẹni tó láṣẹ láti wa ọkọ̀ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ọkọ̀, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá ń wà á pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ín, níwọ̀n ìgbà tó bá ní ìwé ìwakọ̀ tàbí tó ti ní in rí, tí ilé ẹjọ́ kò sì fòfin de é. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “tó ti ní in rí”, lágbára púpọ̀, nítorí pé bó bá wà nínú tiyín, ìwé tó kọjá àkókò nìkan kò tó láti fi kọ̀ yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má ṣe fi kún un, ẹ̀rí tí ẹ ní ṣì tó. Ẹni tó bá sọ ìwé ìwakọ̀ dọ̀tun máa ń gba ìwé ìgbà díẹ̀ tó wúlò fún 60 ọjọ́ kí káàdì tó jáde. Bí wọ́n bá fún àbúrò yín ní tirẹ̀ ní 20 oṣù kejì, ó wà lábẹ́ òfin lọ́jọ́ jàǹbá. Ó jọ pé káàdì àtijọ́ nìkan ni ẹ fi ránṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe máa lọ nìyí:

“Ẹ kọ̀ láti san lábẹ́ gbólóhùn (nọ́ńbà rẹ̀), pé awakọ̀ kò ní ìwé tó bófin mu. Mo so ìwé ìgbà díẹ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí, èyí tí wọ́n fún un ní 20 oṣù kejì, kí jàǹbá 14 oṣù kẹta tó ṣẹlẹ̀. Ìwé yìí kò sí lára ohun tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ tún ìpinnu yín gbé yẹ̀ wò lórí rẹ̀.”

Ní ti pípẹ́, ẹ wò ó bóyá wọ́n dá iye ọjọ́, tàbí wọ́n kàn ní kí ẹ sọ ní kété tó bá ti ṣeé ṣe. Ti ìkejì rọrùn láti fèsì sí: ẹ so ìwé ọsibítù mọ́ ọn, èyí tó sọ ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, pẹ̀lú ìròyìn ọlọ́pàá láti àgọ́ tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ jàǹbá náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá dá ọjọ́, tí ẹ sì kọjá rẹ̀, ẹ jẹ́wọ́ pé ẹ kọjá rẹ̀, kí ẹ sì fi hàn pé kò pa wọ́n lára: ọkọ̀ wà níbi tí wọ́n wọ́ ọ sí, ẹnikẹ́ni kò tíì tún un ṣe nígbà tí òṣìṣẹ́ wọn wá yẹ̀ ẹ́ wò, àwòrán tó ní déètì sì wà. Ibi yìí ni mo rò pé wọ́n ti lè bá yín jiyàn jù, nítorí náà ẹ má ṣe kánjú kọ ọ́.

Ẹ fún àbúrò yín ní lẹ́tà tó fi í ṣe aṣojú yín. Kí ó mú ẹ̀dà méjì èsì tí ẹ kọ sí ilé-iṣẹ́ náà lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ìkejì, kí ó sì gbé e padà wálé. Ẹ̀dà ìwé ni kí ó fún wọn, kí ojúlówó má kúrò lọ́wọ́ yín.

Bí wọ́n bá fi owó kékeré lọ̀ yín, wọn yóò fi ìwé kan ránṣẹ́ pé kí ẹ buwọ́ lù ú, pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín. Tí ẹ bá ti buwọ́ lù ú, ó ṣòro láti padà béèrè ìyókù. Bí wọ́n bá sì tún kọ̀, ẹ kó lẹ́tà wọn, ẹ̀dà èsì yín tó ní òǹtẹ̀ àti ìwé àdéhùn náà jọ, kí ẹ fi ẹ̀sùn kan wọ́n lọ́dọ̀ NAICOM ní Àbújá, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì.