Ibi Tí A Ó Ti Mí Nínú Ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́jú Márùn-ún

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀gá wa ní kí n bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìpàdé òwúrọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lórí bí a ṣe ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú fíríìjì. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dìde báyìí, àyà mi á máa já, ẹnu mi á gbẹ, ohùn mi á sì máa gbọ̀n. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ilé ìwòsàn pẹ̀lú àyà tó ń lù kìkìkì, ohun tó sì ràn mí lọ́wọ́ jù lọ ni ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ibi tí n ó ti mí sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mí dáadáa kí wọ́n tó dìde, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti la ẹnu tán, wọn a sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, ibẹ̀ ni ohùn sì ti ń gbọ̀n. Nítorí náà, bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ yín ni yóò pinnu bóyá ẹ ó rí àyè mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, adirẹnalíìnì a tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a máa yára lù, itọ́ a gbẹ, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkè àyà mí ní kúkúrú-kúkúrú. Irú èémí bẹ́ẹ̀ a máa lé kábọ́nì dáyọ́sáìdì jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, òun ló sì ń fa òòyì, tí ìka ọwọ́ fi ń dà bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn pé kí ènìyàn máa fa èémí ńláńlá sínú kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ń fa èémí ńlá sínú léraléra nígbà tí àyà rẹ̀ ń já tún ń dá kún ohun tó ń fa òòyì náà ni. Èémí tó ń jáde ló yẹ kí a mójú tó. Ọkàn a máa yára díẹ̀ nígbà tí a bá ń fa èémí sínú, a sì máa falẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a bá ń tú u jáde, nítorí náà, bí ìtújáde bá gùn ju ìfàsínú lọ, ọkàn yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń jókòó kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì kanlẹ̀, n ó gbé ọwọ́ kan lé ìdodo, n ó fi imú fa èémí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí n ó fi ka 4, kí ikùn lè ti ọwọ́ náà síwájú, lẹ́yìn náà n ó fi ètè tó la díẹ̀ tú u jáde títí n ó fi ka 6. Bí a bá ka a ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, èémí mẹ́fà ló máa wà nínú ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta tó. Mi ò kì í dá èémí dúró láàárín, mi ò sì ní gba ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ máa fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé èjìká yín á wálẹ̀, itọ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ẹnu. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ ń fa èémí tó pọ̀ jù sínú nìyẹn, ẹ dín in kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ sì máa ṣe é lálaalẹ́ títí di ọjọ́ ìpàdé, torí èémí tí ara kò tíì mọ̀ kì í wúlò ní wákàtí ìpọ́njú. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ṣíwájú yín bá dìde, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ní ti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni pé kí ẹ yan ohun kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ nǹkan púpọ̀ nípa àjẹsára yóò fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún kò sì gbà á, nígbà tó bá rí i pé àkókò ń lọ ni yóò sáré, èémí á sì tún kúrú. Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí gbogbo wọn bá lọ. Fún ọ̀rọ̀ tiyín, mo lè dábàá èyí: “Fíríìjì lè máa ṣiṣẹ́, kí àjẹsára inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́.” Ohunkóhun tí kò bá ti gbólóhùn yìí lẹ́yìn, ẹ yọ ọ́ kúrò, bó ti wù kó dùn tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ to ìyókù sábẹ́ ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ sì bi ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jáde létí gbogbo wọn. Àkọ́kọ́ ni, “Kí ló ń ba àjẹsára jẹ́?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àárín dígírì Sẹ́ńtígíréèdì 2 sí 8 ló yẹ kó wà, ooru a máa bà á jẹ́, ṣùgbọ́n dídì náà a máa ba àwọn kan jẹ́, bí àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú, bó bá sì ti dì, yíyọ́ rẹ̀ kò lè dá agbára rẹ̀ padà. Ìkejì ni, “Ibo ló ti lè ṣẹlẹ̀ nínú fíríìjì tiwa?” Ibẹ̀ ni ẹ ó ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí a ń ṣí ní gbogbo ìgbà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, àti ìgò tí a gbé ti ibi tí yìnyín ń dì sí. Ìkẹta ni, “Kí ni ká máa ṣe láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́?” Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: kí a ka tẹmómítà, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì pe ọ̀gá bí nọ́ńbà náà bá kọjá ààlà.

Mo fẹ́ràn ìbéèrè ju kókó ọ̀rọ̀ lásán lọ fún ìdí méjì. Lẹ́yìn ìbéèrè, ó tọ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́ díẹ̀, àwọn olùgbọ́ á rò pé ẹ ń fún wọn láyè ronú, ẹ̀yin á sì ti tú èémí yín jáde tán. Bákan náà, bí ohun tí ẹ fẹ́ sọ bá ṣá lórí yín, ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ á fà yín dé ìdáhùn, torí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń béèrè nípa rẹ̀. Ẹni tó há gbogbo ọ̀rọ̀ sórí kò ní irú àǹfààní yìí, bí ọ̀rọ̀ kan péré bá sọnù, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e á dàrú.

Gbólóhùn méjì péré ni kí ẹ há sórí, èyí tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ẹ ó fi parí. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rù máa ń le jù, gbólóhùn tó ti mọ́ ẹnu ló sì lè gbé yín kọjá rẹ̀. Ìyókù, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta náà àti nọ́ńbà 2 sí 8 sórí páálí kékeré kan pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, kí ẹ sì fa ìlà pupa síbi tí ẹ ó ti tú èémí jáde. Páálí ni mo sọ, kì í ṣe bébà, nítorí bébà fẹ́lẹ́ a máa gbọ̀n lọ́wọ́ débi pé gbogbo ènìyàn á rí i, bí ẹni tó mú un dání bá sì rí i pé àwọn ènìyàn ń wò ó, ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i.

Orí ìdúró ni kí ẹ ti dánra wò, kí ẹ gbé ohùn sókè, kí ẹ sì fi aago fóònù yín wọn àkókò rẹ̀. Kíka ọ̀rọ̀ sínú kò lè sọ bó ṣe gùn tó fún yín, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ibi tí èémí ti ń tán hàn. Bí ẹ bá rí i pé ẹ kò lè parí gbólóhùn kan láìmí láàárín, ẹ gé e sí méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kí ẹ fojú sùn nígbà ìdánrawò. Ìkíni, ìdákẹ́ àti ẹni tó bá pẹ́ wọlé yóò gba ìṣẹ́jú tó kù.

Ìkíni yìí ṣe pàtàkì fún àwa Yorùbá. Bí ẹ bá ní ẹ ó máa dárúkọ oyè ẹni kọ̀ọ̀kan nínú yàrá, ìṣẹ́jú kan lè lọ níbẹ̀, ìbẹ̀rù pé ẹ ó gbàgbé àgbà kan á sì tún wọ inú ọ̀rọ̀. Mo máa ń kí ọ̀gá tó ń darí ìpàdé, n ó wá sọ pé, “Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ káàárọ̀ o.” Lẹ́yìn náà n ó dúró. Wọn kò lè ṣàì dáhùn, bí wọ́n bá sì ti ń dáhùn, èmi ń tú èémí jáde. Mo ti ṣe èyí nígbà tí orúnkún mi ń gbọ̀n, ohùn tí mo fi sọ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sì yàtọ̀ pátápátá.

Bí ohùn bá gbọ̀n láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má tọrọ àforíjì. Ẹ parí gbólóhùn tí ẹ wà nínú rẹ̀, ẹ wo páálí, ẹ tú èémí jáde, kí ẹ sì bi ìbéèrè tó kàn. Ọwọ́ lè máa gbọ̀n díẹ̀ títí ẹ ó fi jókòó, èémí kò mú ìyẹn kúrò lára tèmi rí, kò sì dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan láàárín wa a máa lo oògùn tó ń dín eré ọkàn kù kí wọ́n tó dìde. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́, torí ó lè ṣe ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù ní ìjàǹbá ńlá, dókítà nìkan ló yẹ kó fúnni.

Ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe parí, kì í ṣe “ibi tí mo mọ̀ nìyẹn.” Fún àpẹẹrẹ: “Mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí fíríìjì láàárọ̀, kó kọ nọ́ńbà tẹmómítà sílẹ̀ kó tó mú ìgò kankan jáde.” Ẹ dúró fún ìwọ̀n èémí kan kí ẹ tó jókòó, torí ìgbà yẹn ni ìbéèrè máa ń wá. Ẹ jẹ́ kí oníbéèrè sọ tirẹ̀ tán, ẹ tú èémí jáde, kí ẹ sì dá a lóhùn ní gbólóhùn méjì. Bó bá jẹ́ ohun tí kò dá yín lójú, ẹ ní ẹ ó yẹ ìwé àkọsílẹ̀ fíríìjì wò, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ tí ẹ ó mú èsì wá.