Èsì: Lẹ́tà fún owó iṣẹ́ tó ti pẹ́

"Oṣù mẹ́rin ti kọjá tí mo ti kó àga fún iléeṣẹ́ ìjọba, wọn ò tíì sanwó. Kí ni kí n kọ sí wọn?"

Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Nọ́ńbà àti déètì lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún yín ni kó ṣáájú, kí ti ìwé ẹ̀rí pé ẹrù ti dé tẹ̀lé e, kẹ́ ẹ tó dárúkọ iye owó. Ẹ so ẹ̀dà méjèèjì mọ́ ọn.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka iye ẹrù wò. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí: àga 40 ni mo kọ sínú ìwé tí mo fi béèrè owó tèmi. 38 ni ìwé ẹ̀rí sọ pé wọ́n gbà. Àwọn akáńtì kàn jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ẹnìkan ò sọ fún mi. Ìgbà tí mo tún un kọ sí 38 ló tó rìn.