Sítọ́ọ̀pù 2% gbé 100 dọ́là lọ

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ Ẹtì. 500 dọ́là ló wà nínú àkáǹtì fíúṣọ̀ mi. 250 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ilé wa, ìyàwó mi ò sì mọ̀. Wọ́n ní kéèyàn má fi ju 2% wewu lẹ́ẹ̀kan. Mo ra bitikọ́ìnì ní 60,000, mo fi sítọ́ọ̀pù tó máa tà á fúnra rẹ̀ tí iye bá já sí 58,800, mo fi 250 dọ́là sílẹ̀ ní lẹ́fẹ́réèjì 20x, ìyẹn ni pé mo ra ọjà ìlọ́po ogún owó náà. Ó kan sítọ́ọ̀pù, 100 dọ́là lọ. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí?"

Àbúrò mi, wọn ò rẹ́ ọ jẹ. 2% oríṣi méjì lo sọ di ọ̀kan. Ti àkáǹtì rẹ, 10 dọ́là péré ni. Èyí tí o fi sí sítọ́ọ̀pù, orí odidi ọjà ló ti ń gé e. 250 lọ́nà 20 jẹ́ 5,000 dọ́là, 2% rẹ̀ sì ni 100 tó lọ.

Ibi tí sítọ́ọ̀pù máa wà ni kó o kọ́kọ́ wò lórí ṣáàtì: iye tí ọjà bá já dé, tí wàá gbà pé o ti ṣìnà. Láti 60,000 sí 58,800 jẹ́ 2%. Wá fi í pín owó tí o lè pàdánù:

```
10 ÷ 0.02 = 500
```

Ọjà 500 dọ́là ló yẹ kó o rà, kì í ṣe 5,000. Ká ní 57,000 ni sítọ́ọ̀pù, ìyẹn 5%, ọjà 200 dọ́là ni. Má fà á súnmọ́ torí kó o lè ra púpọ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo sì jẹ̀yà rẹ̀ dáadáa.

Ṣé o rí i pé lẹ́fẹ́réèjì ò sí nínú ìṣirò yẹn? Ní 5x, wàá fi 100 dọ́là sílẹ̀ fún ọjà 500. Ní 20x, 25 dọ́là. Tó bá kan sítọ́ọ̀pù, 10 dọ́là náà ló máa lọ. Ohun tó ń yí padà ni ibi tí wọ́n ti máa lìkúídéètì rẹ, ìyẹn ni pé wọ́n á fipá ti ọjà rẹ. Tó o bá wà lórí Isolated, níbi tó jẹ́ pé owó tó o fi sílẹ̀ fún ọjà yẹn nìkan ló ń gbà á dúró, ní 50x, 2% péré ni owó náà lè gbà mọ́ra, wọn ò sì ní jẹ́ kó tán pátápátá kí wọ́n tó tì í. Wọ́n á ti lé ọ jáde kí ọjà tó dé 58,800, sítọ́ọ̀pù rẹ á kàn wà níbẹ̀ bí àwòrán. Lo 5x.

Fi 9 dọ́là ṣírò dípò 10, torí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ nígbà tí o bá wọlé àti nígbà tí o bá jáde, tí ọjà bá sì ń já kíákíá, sítọ́ọ̀pù lè tà á nísàlẹ̀ iye tí o kọ.

400 ló kù. Yọ 250 owó ilé kúrò lónìí. 2% 150 jẹ́ 3 dọ́là, fi 2.70 ṣírò torí owó iṣẹ́. Ní sítọ́ọ̀pù kan náà, ọjà 135 dọ́là ni tìẹ báyìí. Kó o sì sọ fún ìyàwó rẹ kí lándílọ́ọ̀dù tó bá ọ sọ ọ́.