Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, iṣẹ́ mẹ́sàn-án: ibo ni kí wákàtí lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ọmọbìnrin mi wà ní SS3, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù kí WAEC bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Ohun tó gbà nínú mọ́ọ̀kì nìyí: Gẹ̀ẹ́sì 53, Ìṣirò 41, Físíìsì 36, Kẹ́mísírì 58, Báyọ́lọ́jì 72, Iṣẹ́ Àgbẹ̀ 70, Yorùbá 74, Ètò Ọrọ̀-ajé 61, Sífíìkì 68. Wákàtí 18 ló ń rí fi kàwé lọ́sẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó pa èyí tó mọ̀ tì, kó gbájú mọ́ Ìṣirò àti Físíìsì nìkan. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ bàbá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ tán. Ohun tí wọn ò rí níbẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ márùn-ún ni ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú wọn: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. C6 ni kírẹ́díìtì tó kéré jù, máàkì 50 sí 54 la sì ń kà á sí. Bí ọmọ yín bá gba A1 nínú Yorùbá àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀, tó wá gba D7 nínú Físíìsì, A1 méjèèjì ò lè dí àlàfo yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó wo èyí tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ fa ilà sábẹ́ àwọn márùn-ún yìí. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá béèrè iye máàkì tó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti 50. Gẹ̀ẹ́sì tó gba 53 dà bí ẹni pé ó ti yege, àmọ́ máàkì mẹ́ta péré ló fi borí. Àròkọ kan tó bá yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ ti tó láti fà á sísàlẹ̀.

Bí ọmọ yẹn bá jókòó níwájú mi, báyìí ni màá ṣe pín wákàtí 18 náà: Ìṣirò márùn-ún, Físíìsì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Kẹ́mísírì méjì, Báyọ́lọ́jì kan, kí àwọn mẹ́rin tó kù pín wákàtí méjì, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ wákàtí márùn-ún lórí Ìṣirò ò ní ṣe nǹkan kan bó bá jẹ́ pé ojú ewé kìíní ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ ní kó mú ìwé ìdáhùn mọ́ọ̀kì rẹ̀ wá, kí ẹ jọ wò ó. Ibi tó fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan yàtọ̀ sí ibi tó bẹ̀rẹ̀ tó sì sọnù lójú ọ̀nà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ yẹn ni máàkì rẹ̀ súnmọ́ jù. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba 43 nínú mọ́ọ̀kì. Nígbà tí mo tú ìwé rẹ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń lo fọ́múlà yìí dáadáa:

```
x = (-b ± √(b² - 4ac)) / 2a
```

Ìgbà gbogbo tí b bá ti ní àmì àyọkúrò níwájú ni nǹkan ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe ìyẹn nìkan, a ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ tún sọ fún un pé kó máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń máàkì WAEC máa ń fún ọ̀nà tí ọmọ gbà ní máàkì tirẹ̀, kódà bí ìdáhùn tó gbẹ̀yìn bá ṣì. Nínú ìwé kejì Ìṣirò, ìbéèrè márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, máàkì 40 ló sì wà lórí wọn. Ibẹ̀ ni kó ti máa bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò.

Ní ti Físíìsì, inú láàbù ni màá kọ́kọ́ gbé wákàtí lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi ìdánwò àfọwọ́ṣe sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ kì í yí padà púpọ̀. Ẹ wo ti òkúta tí wọ́n so mọ́ okùn tó ń fì síwá-sẹ́yìn. Ọmọ á wọn gígùn okùn, l, á ka ìṣẹ́jú-àáyá tí òkúta fi fì nígbà mẹ́wàá tàbí ogún gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè bá ṣe ní kó ṣe, á fi iye ìfì pín in kó lè rí T, á wá ya T² sí l nínú gíráàfù. Tébù tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí orí rẹ̀ ní máàkì, ìlà ìdúró àti ìlà ìbú gíráàfù tí wọ́n fi orúkọ sí ní máàkì, sísírò bí ìlà ṣe dagun ní máàkì, ìṣọ́ra tó ṣe nígbà tó ń wọ̀n ní máàkì pẹ̀lú. Ìṣọ́ra yẹn, kó kọ ọ́ bí ohun tó ti ṣe, kó má kọ ọ́ bí àṣẹ. Bó bá ṣe odidi ìbéèrè kan lọ́sẹ̀, tí olùkọ́ sì máàkì í, ẹ máa rí i pé ìwé yìí lè gòkè kí àwọn yòókù tó gòkè.

Gẹ̀ẹ́sì ò nílò kó máa ka gírámà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àròkọ kan lọ́sẹ̀, àkékúrú kan lọ́sẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máàkì wọn. Nínú àkékúrú, wọ́n máa ń ní kó dáhùn ní gbólóhùn tí wọ́n ti sọ iye rẹ̀. Ọmọ tó bá da gbólóhùn inú àyọkà kọ bó ṣe wà ń sọ máàkì nù.

Àwọn tó mọ̀ ńkọ́? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo fún wọn, ìbéèrè ọdún tó ti kọjá ni kó fi ṣe, kó má fi ka ìwé. Kó dáhùn ọbujẹ́tíìfù ogún, kó kọ iye tó gbà sí ẹ̀yìn ìwé. Bí Báyọ́lọ́jì bá já wálẹ̀ léraléra fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó gba wákàtí kan lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin tí kò sí lára márùn-ún yẹn. Kó má gbà á lọ́wọ́ Físíìsì.

Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, kó ṣe ìwé Ìṣirò kan lábẹ́ aago, kí ẹ máa kọ máàkì náà sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí ó ṣì ń gba 41, kì í ṣe wákàtí ló kù. Ó ṣeé ṣe kó máa ka ìdáhùn tí ẹlòmíràn ṣe, láìfọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó rí i bóyá bíírò ń rìn.

Mi ò ní parọ́ fún yín nípa Físíìsì: àti 36 dé 50 jìnnà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kódà bó bá ṣiṣẹ́. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún NECO náà nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń gba èsì ìjókòó méjì pa pọ̀, àmọ́ àwọn mìíràn ò gbà á fún iṣẹ́ ìlera, nítorí náà ẹ yẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB wò fún ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kí ẹ tó sanwó.