Apá kan íápíìsì kò dún tó èkejì: ẹ má tíì gé wáyà yẹn

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, ọ̀gá. Apá òsì íápíìsì oníwáyà mi kò dún sókè mọ́, bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ń dún ketekete. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ní wáyà ló ti já nínú, pé kí n jẹ́ kí òun gé e kí òun jó o padà. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, kí n fi abẹ́rẹ́ gún àwọ̀n ẹnu rẹ̀ kó lè là. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rẹ́ yín sún mọ́ òótọ́ díẹ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni yóò ba nǹkan jẹ́. Ti ẹlẹ́rọ yẹn ni kí a kọ́kọ́ yanjú, torí gbogbo íápíìsì tí ohùn rẹ̀ bá ti rẹlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní wáyà jíjá.

Wáyà tó já kì í hùwà báyìí. Bàbà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń gbé orin lọ sí etí kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá já, apá yẹn á dákẹ́ pátápátá. Bó bá ku díẹ̀ tó ń kan ara wọn, ohùn á máa lọ, á máa bọ̀, á máa ta pàrà bí ẹ bá ti mi wáyà. Nítorí náà ẹ tan orin sílẹ̀, kí ẹ rọra máa tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi mẹ́ta tó máa ń já sí jù: ìdí irin tí a ń kì bọ fóònù, oríta tí wáyà ti pín sí méjì, àti abẹ́ ibi tó ti wọ inú orí íápíìsì. Bí ohùn kò bá yí padà rárá, tó kàn rẹlẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi wáyà sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé gígé náà ní ewu tirẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà kun bàbà inú wáyà yìí kí apá kan má bàa kan èkejì, wọ́n sì sábà máa ń fi okùn tín-ínrín há a láàárín. Irin gbígbóná gbọ́dọ̀ jó ọ̀dà yẹn kúrò kí lẹ́ẹ̀dì tó lè mú. Ẹni tí kò mọ èyí á kàn lọ́ ọ pọ̀, á fi tépù wé e, ó sì lè dún fún ìgbà díẹ̀ kó tó kú. Ẹ ó wá fi ọwọ́ ara yín ra wáyà jíjá tí ẹ kò ní tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí àìsàn wà gan-an. Ẹ yí orí íápíìsì padà: ẹ fi ti òsì sí etí ọ̀tún, kí ẹ fi ti ọ̀tún sí etí òsì. Bí ohùn tó rẹlẹ̀ bá tẹ̀ lé orí íápíìsì lọ sí etí ọ̀tún, etí yín kò ní ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bó bá dúró sí etí òsì, etí yín ló fẹ́ àyẹ̀wò, kì í ṣe íápíìsì. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ló dí i. Ẹ má fi igi òwú wa etí. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ pé òjijì ni etí kan dáwọ́ gbígbọ́ dúró, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Tí ẹ̀bi bá wà lọ́wọ́ íápíìsì tàbí fóònù, ẹ ki íápíìsì náà bọ ẹ̀rọ mìíràn: fóònù ẹlòmíràn, kọ̀ǹpútà, rédíò tó ní ihò rẹ̀. Orin kan náà ni kí ẹ lò, torí àwọn orin kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé gìtá sí apá kan, tí wọ́n gbé ìlù sí èkejì. Ẹ rí i pé irin náà wọlé dé ìdí. Àpò fóònù tó nípọn kì í jẹ́ kó wọlé tán. (Bí ẹ bá ń gbọ́ ìlù tí ohùn akọrin sì pòórá, irin yẹn ni kò wọlé tán, tàbí kí wáyà kan tí apá méjèèjì jọ ń lò ti já. Ọ̀rọ̀ wáyà gidi nìyẹn.)

Bó bá dún dọ́gba níbòmíràn, fóònù yín ni kí ẹ wò. Lórí iPhone, ẹ wọ `Settings`, `Accessibility`, `Audio & Visual`, kí ẹ wo `Balance` bóyá ó wà láàárín gan-an. Lórí Android, inú `Accessibility` náà ló sábà máa ń wà, àmọ́ fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó fi sí. Ìka lè ṣèèṣì tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá wà láàárín, ẹ pa fóònù, kí ẹ fi igi ìtayín, kì í ṣe irin, rọra kó òwú àpò ṣòkòtò tó ti kún inú ihò náà jáde.

Bó bá rẹlẹ̀ níbi gbogbo, tó sì ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti abẹ́ aṣọ, ó dá mi lójú díẹ̀ pé àwọ̀n ni. Ẹ yọ rọ́bà etí kúrò, kí ẹ gbé orí méjèèjì sábẹ́ iná. Ti ọ̀tún á fi ihò kéékèèké hàn yín. Ti òsì á máa dán, ìdọ̀tí etí tó dà bí ìda á ti bò ó.

Ẹ dojú àwọ̀n kọ ilẹ̀, kí ohun tó bá já lè bọ́ sí ilẹ̀ dípò kó wọlé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, tó gbẹ, gbá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Bó bá lẹ̀ típẹ́, ẹ kan orí búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́ sípíríìtì, kí ẹ fi aṣọ nù ún títí kò fi ní kán mọ́, kí ẹ tó tún gbá a. Ẹ má da nǹkan kan sórí àwọ̀n, torí sípíríìtì tó bá ṣàn wọlé lè tú gọ́ọ̀mù tó mú un. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ojú ìsàlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Rọ́bà nìkan ni ẹ lè fi omi ọṣẹ fọ̀, kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.

Nípa abẹ́rẹ́: lẹ́yìn àwọ̀n náà ni awọ kan wà tó fẹ́lẹ́ ju ewé ìwé lọ, tó ń gbọ̀n bí awọ ìlù, wáyà wíwé àti òòfà ló ń mì ín. Abẹ́rẹ́ á ti ìdọ̀tí lọ bá a, tàbí kó lu ú ya. Ẹ má fẹnu fa á, ẹ má sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọn ọ́n. Awọ kan náà ni ẹ ń fà.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ tún dán an wò pẹ̀lú orin àkọ́kọ́ yẹn, lórí ẹ̀rọ méjèèjì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ohùn ìsàlẹ̀. Etí ọ̀tún tí ẹ ti ń gbé ohùn sókè fún nítorí òsì kò gbọ́dọ̀ máa jìyà. Bó bá ti mọ́ tónítóní tó sì ṣì rẹlẹ̀, awọ inú ló ti bàjẹ́ tàbí ìdọ̀tí ti wọlé. Bí àkókò tí ilé-iṣẹ́ fi dúró fún un kò bá tíì tán, ẹ gbé e padà láìtú u. Bó bá ti tán, tó sì jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ẹ ra òmíràn.