Júù: ẹ̀sìn ni, ẹ̀yà ni, àbí ìran?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin àgbà, Júù tí à ń kà nínú Bíbélì, tí a tún ń gbọ́ nínú ìròyìn, ṣé orúkọ ẹ̀sìn ni àbí ti ẹ̀yà? Ẹnìkan ní ẹ̀jẹ̀ ni, pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn. Ẹlòmíì ní ẹ̀sìn lásán ni, pé Júù tó bá ti di Kristẹni kì í ṣe Júù mọ́. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Má gba ìkankan nínú méjèèjì. Ó máa ń ká mi lára bí irú àlàyé báyìí ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn tó yẹ kí wọ́n ti ka ìwé Ẹ́sítérì tán láìmọye ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ kọ́, ìgbàgbọ́ nìkan kọ́. Ìdílé ni. Ìdílé ní ọmọ bíbí, ó ní ọmọ àgbàtọ́, ó sì ní ọmọ tó yà kúrò lọ́nà tí orúkọ ilé kò tìtorí ìyẹn kúrò lára rẹ̀. Mú èyí lọ́wọ́ bí a ti ń lọ.

Ṣí Ẹ́sítérì orí 2, ẹsẹ 5. Wọ́n pe Módékáì ní Júù níbẹ̀, gbólóhùn kan náà sì sọ pé ará Bẹ́ńjámínì ni. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń sáré kọjá ibẹ̀ nítorí pé orúkọ baba ńlá ló kún inú ẹsẹ náà, bẹ́ẹ̀ orúkọ baba ńlá gan-an lọ̀rọ̀ wà. Yẹhúdì tí àwọn Hébérù ń pe Júù, ará Júdà ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọmọkùnrin kẹrin tí Léà bí fún Jákọ́bù. Báwo ni ọmọ Bẹ́ńjámínì ṣe wá ń jẹ́ ará Júdà? Nígbà tí Ásíríà ṣẹ́gun ìjọba àríwá ní ọdún 722 ṣáájú ìbí Jésù, ìjọba Júdà ní gúúsù ló ṣẹ́ kù, àwọn ará Bẹ́ńjámínì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bábílónì wá pa Jerúsálẹ́mù run ní ọdún 586, ó kó wọn lọ sí ìgbèkùn. Ní ìgbèkùn, ẹni yòówù tó bá ti ilẹ̀ Júdà wá, Júù ni wọ́n ń pè é, ì báà jẹ́ ọmọ Bẹ́ńjámínì tàbí ọmọ Léfì. Orúkọ ọmọ ẹnìkan di orúkọ ìlú, orúkọ ìlú wá di orúkọ àwọn tí kò ní ìlú mọ́.

Wá ṣí orí 8, ẹsẹ 17, nínú ìwé kan náà. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà di Júù, nítorí ẹ̀rù àwọn Júù bà wọ́n. Ní orí 2, ohun tí a bí mọ́ èèyàn ni Júù. Ní orí 8, ohun tí èèyàn lè dà ni. Òǹkọ̀wé náà kò sì rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Àwa ni a ń wá ìjà síbẹ̀, nítorí a ti fi àpótí méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀yà, ọ̀kan fún ẹ̀sìn, a sì ń fipá ti àwọn èèyàn tó ti wà ṣáájú àpótí wa wọ inú wọn.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń wọ ìdílé yìí? Àkọ́kọ́ ni kí a bí i síbẹ̀. Nínú Bíbélì, baba ni wọ́n fi ń ka ìran. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa kó òfin ẹnu àwọn rábì jọ sínú Míṣínà, ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, ìyá ni wọ́n ń wò: ọmọ tí obìnrin Júù bí, Júù ni, ẹni yòówù kí baba rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀ jíjẹ́ àlùfáà àti jíjẹ́ ọmọ Léfì, ọwọ́ baba ni wọ́n ti ń wá títí dòní. Nítorí náà bí obìnrin tó jẹ́ ọmọ àlùfáà bá bímọ fún ọkùnrin tí kì í ṣe Júù, Júù ni ọmọ náà, kò sì lè jẹ́ àlùfáà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìdájọ́ méjì. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, kó ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tó ń bọ̀ láti ìta. Rábì mẹ́ta á jókòó bí ilé ẹjọ́, wọ́n á bi í léèrè bóyá ó gbà láti pa àwọn òfin mọ́. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á dá abẹ́ fún un. Bí wọ́n bá ti dá a fún un tẹ́lẹ̀, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n á mú jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò rì sínú adágún ìwẹ̀nù tó gba ìwọ̀n sẹ́à 40, èyí tó lé ní lítà 300. Omi òjò tàbí omi ìsun ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ omi náà, a kì í fi korobá pọn ọ́n. Kò gbọdọ̀ sí ohun kankan láàárín omi àti ara: òrùka á kúrò, ọ̀dà èékánná á kúrò, irun orí pàápàá á wọ omi tán. Bí ibì kan bá gbẹ, kò tíì jẹ́.

Ohun tí àwọn rábì sọ nípa ẹni tó jáde nínú omi yẹn ni pé ó dà bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Kì í ṣe àkànlò èdè lásán. Orúkọ baba rẹ̀ yí padà nínú àdúrà: bó bá ń jẹ́ Dáfídì, Dáfídì ọmọ Ábúráhámù ni wọ́n á máa pè é nígbà tí wọ́n bá pè é wá síbi ìwé Òfin. Wọ́n fún un ní baba ńlá. Ìyẹn gan-an ni ibi tí ẹ̀sìn ti di ìran.

Àríyànjiyàn sì wà lórí rẹ̀ nígbà kan. Míṣínà ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe wí pé “Ọlọ́run àwọn baba wa” nínú àdúrà. Bó bá wà láàárín ìjọ, “àwọn baba yín” ni kó wí. Ní ọ̀rúndún kejìlá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Obadáyà, tó wọlé láti ìta, kọ̀wé sí Mósè ọmọ Máímónì, ògbóǹtarìgì onímọ̀ òfin tó kú ní ọdún 1204, láti béèrè ohun tó yẹ kó wí. Èsì tó rí gbà ni pé kó wí gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wí i, kó má pa ọ̀rọ̀ kan dà, nítorí pé Ábúráhámù ni baba gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀. Ìdájọ́ yìí ló lékè.

Ó wá ku bí èèyàn ṣe ń jáde. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Tálímọ́ọ̀dì, ìwé àlàyé àwọn rábì lórí Míṣínà, tí mo fẹ́ kí o há sórí: “Bó tilẹ̀ ṣẹ̀, Ísírẹ́lì ni.” Ọ̀rọ̀ Ákánì ni wọ́n ń sọ, ẹni tó jí ohun ìyàsọ́tọ̀ ní Jẹ́ríkò. Ìwé Jóṣúà kò sọ pé “àwọn èèyàn náà ṣẹ̀”, ó ní “Ísírẹ́lì ti ṣẹ̀.” Rábì tó ka ibẹ̀ rí i pé Ọlọ́run kò gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ ìbínú. Láti inú gbólóhùn kékeré yìí ni àwọn onímọ̀ òfin lẹ́yìn náà ti fà á yọ pé ẹni tó wà nínú ilé kò lè jáde. Bó bá fẹ́ kó bọ òrìṣà, bó bá fẹ́ kó gba ẹ̀sìn mìíràn, ọmọ ilé tó ṣẹ̀ ni. Ẹ̀tọ́ kan tàbí òmíràn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ kì í bọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó sọ fún ọ pé Júù tó di Kristẹni kì í ṣe Júù mọ́, ó ta ko òfin àwọn rábì fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n má tíì fò sókè, nítorí ìjọba ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ́súwọ́ọ̀dù Rúfáísẹ́ẹ̀nì, Júù ni wọ́n bí i ní Pólándì ní ọdún 1922. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó díbọ́n bí ẹni tí kì í ṣe Júù, ó ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá tó wà lábẹ́ Jámánì ní ìlú Míírì. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa àwọn Júù ibẹ̀ run ní oṣù Ògọ́sítì 1942, ó ta wọ́n lólobó, ọ̀pọ̀ sì sá wọ igbó. Òun náà sá pa mọ́ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi. Lẹ́yìn ogun ó di ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ náà, ó ń jẹ́ Dáníẹ́lì, ó sì dé sí Háífà ní ọdún 1959. Ó ní kí wọ́n gba òun wọlé lábẹ́ Òfin Ìpadàbọ̀ ti ọdún 1950, tó fún gbogbo Júù láyè láti wá máa gbé ní Ísírẹ́lì. Ó ní ẹ̀yà òun ni Júù, ẹ̀sìn òun ni Àgùdà.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Ísírẹ́lì dá a lẹ́jọ́ ní ọdún 1962. Adájọ́ mẹ́rin kọ̀ fún un, ọ̀kan gbà fún un. Ohun tí adájọ́ Sílíbẹ́ẹ̀gì sọ ni kí o fetí sí. Ó gbà pé lójú òfin àwọn rábì, Júù ni Dáníẹ́lì. Ṣùgbọ́n ó ní òfin ìjọba ni Òfin Ìpadàbọ̀, bí Júù lásán ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ló sì gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí níbẹ̀. Kò sì sí Júù lásán tó máa pe ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ní Júù. Ṣé o rí i bó ṣe dorí kodò? Ilé ẹ̀sìn ló ní ìran kì í jáde lára èèyàn. Ìjọba tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn ló ní ẹ̀sìn mìíràn ti gba ìran lọ́wọ́ rẹ̀. Dáníẹ́lì di ọmọ ilẹ̀ náà níkẹyìn, bí àjèjì yòókù ṣe ń dì í.

Àwọn èèyàn mìíràn náà wà tí ọ̀rọ̀ wọn rí báyìí, ìlẹ̀kùn wọn ló yàtọ̀. Àwọn Dúrúùsì, àwọn ẹlẹ́sìn kan ní Síríà, Lẹ́bánónì àti Ísírẹ́lì, ti ìlẹ̀kùn wọn ní ọdún 1043, ẹni tí òbí rẹ̀ méjèèjì kì í bá ṣe Dúrúùsì kò lè wọlé mọ́. Ní Bọ́ḿbè ní Íńdíà, ilé ẹjọ́ sọ ní ọdún 1908 pé àjèjì lè gba ẹ̀sìn Sọroásítà, ẹ̀sìn àtijọ́ ilẹ̀ Páṣíà, kó má sì di ará Pásì, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn náà tí baba ńlá wọn ti Páṣíà wá sí Íńdíà, torí ìyẹn. Tiwọn nìyẹn.

Ní ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹni tó rì sínú omi lánàá kò ní ẹ̀jẹ̀ náà, Júù ni. Ẹni tí baba baba rẹ̀ nìkan jẹ́ Júù ní in, àwọn rábì kò sì kà á. Àwọn Násì pàápàá, tí wọ́n ń pariwo ẹ̀jẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ẹni tó jẹ́ Júù nínú ìlànà oṣù Nọ̀fẹ́ńbà 1935, òbí àgbà mẹ́rin ni wọ́n ń kà. Òbí àgbà tó bá sì ti wà nínú ìjọ Júù ni wọ́n kà sí Júù pátápátá. Ìwé ìjọ ni wọ́n ṣí láti mọ ẹ̀jẹ̀.

Ní ọdún 1970, Ísírẹ́lì tún Òfin Ìpadàbọ̀ ṣe: Júù ni ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù tàbí tó wọlé láti ìta, tí kò sì sí nínú ẹ̀sìn mìíràn. Òfin kan náà fún ọmọ, ọmọ ọmọ àti ọkọ tàbí aya wọn láyè láti wọlé, bí àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ jẹ́ Júù. Nítorí náà ọmọ ọmọ Júù láti ọ̀dọ̀ baba baba lè dé, kó gba ìwé ọmọ onílẹ̀, kó wọ iṣẹ́ ológun, kó sì rí ọmọge Júù tó fẹ́ fẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn rábì nìkan ni ìgbéyàwó Júù ti ń wáyé ní ilẹ̀ náà, wọn kò sì ní so ó pọ̀ fún un, nítorí ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Kípírù lọ fẹ́ra, tí wọ́n á sì gbé ìwé ẹ̀rí padà wá, tí ìjọba tó gbà wọ́n wọlé á kọ wọ́n sílẹ̀ ní tọkọtaya.