9 AM CST: CST ti ta?

"Ẹ jọ̀wọ́, Ṣìkágò ni mo wà. Èmi àti àbúrò mi fẹ́ bá lọ́yà wa ní Ìlọrin ṣèpàdé lórí Súùmù nítorí ìwé ilẹ̀ bàbá wa. Mo kọ ọ́ sí wọ́sáàpù pé Sátidé, ọjọ́ 17 oṣù kìíní, 9 AM CST. Àbúrò mi tó ń ṣòwò ní Ṣáínà wọlé, kò bá ẹnì kankan, ló bá bínú jáde. Ó ní 9 gééré lòun wọlé. Èmi náà ò pẹ́. Ta ló jẹ̀bi?"

Ẹ má bá ara yín jà, lẹ́tà mẹ́ta yẹn ló jẹ̀bi. C tiyín ni ti àárín Amẹ́ríkà, C tiẹ̀ ni ti Ṣáínà. Kódà àwọn ará Kúbà ní CST tiwọn.

Kò sí àjọ kankan tó ń pín lẹ́tà yìí bí ìjọba ṣe ń pín nọ́ńbà mọ́tò. Kálukú ló ń gé orúkọ aago ìlú rẹ̀ kúrú lédè Gẹ̀ẹ́sì. S àti T tó kẹ́yìn kì í sì í fi ibì kan hàn, torí "aago gidi" lásán ni wọ́n túmọ̀ sí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ń lò wọ́n. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló kù tó lè sọ ibi téèyàn wà. Ẹ lọ dúró ní Ọjà Ọba kí ẹ pe "Alhaji!", kí ẹ wá ka iye orí tó máa yí padà. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe á sọ Alhaji agboolé wo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. UTC ni aago tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kìíní, Ṣìkágò fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn UTC. Nítorí náà, 9 àárọ̀ yín jẹ́ 3 ọ̀sán UTC, ìyẹn 4 ìrọ̀lẹ́ ní Ìlọrin. Ṣáínà ní tiẹ̀ fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú UTC. Nígbà tí 9 àárọ̀ Sátidé lù lọ́hùn-ún, 2 òru ni ní Ìlọrin, ẹ̀yin sì ṣì wà ní 7 alẹ́ Fúráìdè. Wákàtí mẹ́rìnlá ni àbúrò yín fi ṣáájú yín. Ìpàdé tí ẹ pè, 11 alẹ́ Sátidé ló jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo mọ bó ṣe ń dunni, torí ó ti ṣe mí rí. Dọ́bùlìn ni mo ń gbé. Ilé ìwòsàn kan ní Íńdíà fẹ́ bá màmá mi ní Òmù-Àrán sọ̀rọ̀ lórí fídíò, lóṣù kẹsàn-án. Wọ́n kọ 10:30 AM IST. IST la ń pe aago wa níbí nígbà ẹ̀rùn, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ti Nàìjíríà nígbà yẹn, ni mo bá ní kí màmá múra sílẹ̀ de 10:30. IST ti Íńdíà ni wọ́n ń sọ, tó fi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ṣáájú ti Nàìjíríà: 6 àárọ̀ ni dókítà ti ń dúró. (Ísírẹ́lì náà ní IST, kí ẹ má rò pé méjì péré ni wọ́n.)

Ọ̀fìn kejì ń bọ̀ fún yín lóṣù kẹta. Láti Sọ́ńdè kejì oṣù náà títí di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, Ṣìkágò máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan, orúkọ rẹ̀ á sì di CDT. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì máa ń kọ CST nígbà náà. Bí ẹ bá kọ 9 AM CST lóṣù keje, tí lọ́yà sì ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́, 4 ìrọ̀lẹ́ ló máa wọlé, nígbà tí ẹ ti ń retí rẹ̀ láti 3. Aago Nàìjíríà kì í yí, ti Ṣáínà náà kì í yí.

Nítorí náà, ẹ fi aago Ìlọrin pe ìpàdé, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: "4 ìrọ̀lẹ́ aago Ìlọrin, UTC+1". Bí ẹ bá ń fi í sínú kàlẹ́ńdà fóònù, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan aago kí ẹ wá Lagos. Ẹ ò ní rí Ìlọrin, àmọ́ `Africa/Lagos` ló dúró fún Nàìjíríà lódindi. Tiyín ni `America/Chicago`, ti àbúrò yín ni `Asia/Shanghai`. Bí ẹ bá fi orúkọ ìlú yàn án, fóònù fúnra rẹ̀ á mọ ìgbà tí aago ibẹ̀ ń yí. Bí ìpàdé náà bá di oṣooṣù, ẹ máa rí i pé 9 àárọ̀ yín á di 10 àárọ̀ lóṣù kẹta, nígbà tí ti lọ́yà ò kúrò ní 4.

Àmọ́ 11 alẹ́ pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ jí lọ sọ́jà. Bí lọ́yà bá gbà, ẹ gbé e sí 2 ọ̀sán aago Ìlọrin: 7 àárọ̀ lọ́dọ̀ yín ní oṣù yìí, 9 alẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò yín.